Ibà Pọ́njú Lára Ọmọ Tuntun: Ohun Tí Ojú Lè Rí àti Ohun Tí Fọ́tò Ń Bò Mọ́lẹ̀

Nínú ọmọ tuntun mẹ́wàá tí oṣù wọn pé kí wọ́n tó wáyé, bíi mẹ́fà ni ara wọn máa ń pọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú àwọn tí oṣù wọn kò pé, iye náà ń tó mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ibà pọ́njú ni ọ̀pọ̀ ìyá ń pè é. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa pè é ní jọ́ńdìsì. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń lọ fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Àmọ́ díẹ̀ wà tó ń ga débi pé ó ń wọ ọpọlọ. Ọmọ tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lè kú, bó bá sì yè, ó lè di adití tàbí ẹni tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Kí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ tètè mọ èyí tó ń lọ àti èyí tó ń gòkè ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Fọ́tò tí ọ̀pọ̀ òbí ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kò sí lára iṣẹ́ yẹn, ìdí rẹ̀ sì wà nínú bí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí àwọ̀ náà ti ń wá

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kì í wà láéláé. Bó bá gbó, ara a fọ́ ọ, a sì yọ èròjà aláwọ̀ ìyeyè kan jáde láti ara rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ bilirúbínì. Ẹ̀dọ̀ ló ń tún bilirúbínì yìí ṣe kó lè bá omi òróòro lọ sínú ìfun, kó sì bá ìgbẹ́ jáde. Nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú ikùn, ibi ọmọ ló ń gbé e kọjá sọ́dọ̀ ìyá, ẹ̀dọ̀ ìyá ló sì ń bá a ṣe iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí wọ́n gé ìwọ́ ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dá a ṣe.

Ohun méjì ló pàdé lọ́jọ́ yẹn. Àkọ́kọ́, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ọmọ tuntun pọ̀, ó sì ń tètè gbó: ti àgbàlagbà ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́, ti ọmọ tuntun kì í sábà kọjá 90. Èkejì, ẹ̀dọ̀ ọmọ náà kò tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ohun tó ń wọlé wá pọ̀ ju ohun tó ń jáde lọ, nítorí náà bilirúbínì ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń rin awọ ara. Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ló sábà máa ń ga jù lára ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé, lẹ́yìn náà ẹ̀dọ̀ a bá iṣẹ́ náà, àwọ̀ náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá.

Lára ohun tó máa ń jẹ́ kó ga kọjá bó ṣe yẹ ni ohunkóhun tó bá ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ní kíákíá. Ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ lè má bára mu, bíi kí ìyá jẹ́ O kí ọmọ sì jẹ́ A tàbí B. Ọmọ sì lè má ní tó nínú èròjà kan tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, èyí tí wọ́n ń kọ sórí ìwé àyẹ̀wò ní G6PD. Àìtó èròjà yìí wọ́pọ̀ gan-an láàárín wa, pàápàá lára ọmọkùnrin. Ọmọ tí wọ́n bá bí i mọ́ lè wà láìsí wàhálà kankan títí wọ́n á fi wọ̀ ọ́ ní aṣọ tí wọ́n tọ́jú pamọ́ pẹ̀lú kánfọ̀ inú àpótí. Òórùn kánfọ̀ yẹn tó láti fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ara rẹ̀ sì pọ́n ní ọjọ́ kan sí méjì.

Bí wọ́n ṣe ń fi ojú yẹ̀ ẹ́ wò

Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kì í kàn wo ojú ọmọ kó ní ó pọ́n tàbí kò pọ́n. Yóò gbé ọmọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lójú ọ̀sán, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ti wọlé dáadáa ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ta sí i lára tààrà. Yóò bọ́ aṣọ rẹ̀ tán, nápì pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni yóò fi àtàǹpàkò tàbí ìka kan tẹ awọ ara mọ́ egungun tó wà lábẹ́ rẹ̀, á sì gbé ìka náà kúrò. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí ẹ̀jẹ̀ kò tíì padà síbẹ̀ ni yóò wo ojú ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú awọ ló máa ń bo àwọ̀ ìyeyè mọ́lẹ̀. Bí ìka bá ti lé e sẹ́yìn, ohun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ á hàn. Bó ṣe ń tẹ iwájú orí tàbí imú ni yóò tẹ àárín àyà, ikùn, itan, ojúgun, títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò wo funfun ẹyinjú, á sì fi ìka fa ètè sẹ́yìn díẹ̀ kó lè wo erìgì.

Ìdí tó fi ń ti orí lọ sí ẹsẹ̀ ni pé bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ náà ṣe ń rìn. Lọ́dún 1969, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Kramer kọ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó pín ara ọmọ sí ọ̀nà márùn-ún, ó sì fi ẹ̀jẹ̀ wọn wé e. Nígbà tí àwọ̀ náà bá wà lójú àti ọrùn nìkan, bilirúbínì sábà máa ń jẹ́ bíi 6 mg/dL. Bó bá dé ìdodo, ó ń tó bíi 9. Bó bá kọjá sí itan, bíi 12. Bó bá dé ojúgun àti apá, bíi 15. Bó bá ti dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ó ti kọjá 15, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú sọ ibi tó parí sí.

Lára ọmọ tiwa, iṣẹ́ yìí ní ìṣòro tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ dúdú ló máa ń mọ́ lára ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wọn, kí dúdú tó wọlé. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹbí fi ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ ń pọ́n, tí wọ́n á ní pupa ìyá rẹ̀ ló gbé wá. Bí àwọ̀ ara bá sì ti dúdú, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í hàn bó ṣe yẹ, ìka ì bàá tẹ̀ ẹ́. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹyinjú, erìgì, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni ẹni tó mọṣẹ́ ń gbára lé. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ ni àwọ̀ náà ń dé kẹ́yìn. Ẹni tó bá ń dúró de ìgbà tí yóò rí i níbẹ̀ ti pẹ́ jù.

Ohun kan tún wà tí ojú kò lè rí, òun sì ni wákàtí. Iye kan náà lè jẹ́ ohun tí kò yẹ ká bẹ̀rù lọ́jọ́ karùn-ún, kó sì jẹ́ ewu ńlá lọ́jọ́ kìíní. Nínú ìlànà tí wọ́n ń lò ní Ìlú Ọba fún ọmọ tó ti pé ọ̀sẹ̀ 38 nínú ikùn, bí ọmọ bá jẹ́ wákàtí 24, ó yẹ kó bọ́ sábẹ́ iná nígbà tí bilirúbínì rẹ̀ bá kọjá 200 µmol/L. Bó bá ti pé wákàtí 96, ó di ìgbà tó bá kọjá 350. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ka wákàtí tí ọmọ ti lò láyé, tí wọn kì í kàn sọ pé ọjọ́ mélòó. Ara tó bá pọ́n kí wákàtí 24 àkọ́kọ́ tó pé kò ní àlàyé rere kankan: ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń fọ́ níbì kan, ọsibítù ló kàn.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ ọ̀rọ̀ nípa ìwé àyẹ̀wò, nítorí ó máa ń da òbí rú. Ilé àyẹ̀wò kan á kọ iye náà ní mg/dL, òmíràn á kọ ọ́ ní µmol/L. Ẹ fi 17.1 sọ èkíní di púpọ̀, ẹ ó rí èkejì. Nítorí náà, 12 lórí ìwé kan àti 205 lórí òmíràn, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ibi tí agbára ojú mọ

Àwọn nọ́ńbà Kramer kò ní kí á máa fi ojú ka ẹ̀jẹ̀. Nínú ìwádìí rẹ̀ gan-an, àwọn ọmọ tí àwọ̀ wọn dé itan ní bilirúbínì tó bẹ̀rẹ̀ láti bíi 8 títí dé bíi 16. Èkíní nínú wọn lè máa lọ sílé; èkejì lè nílò iná lónìí. Ojú sì rí wọn bákan náà. Bí ẹni méjì tó mọṣẹ́ bá wo ọmọ kan náà, wọn kì í sábà fẹnu kò. Ìdí nìyí tí ìlànà Ìlú Ọba fi sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú nìkan díwọ̀n bilirúbínì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ojú lè dáhùn: ṣé ọmọ yìí nílò àyẹ̀wò? Iye tó jẹ́ di ọwọ́ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń gbé lé iwájú orí tàbí àyà ọmọ, tàbí ọwọ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà láti gìgísẹ̀. Bí ọmọ bá sì ti wọ abẹ́ iná búlúù, ojú ti parí iṣẹ́ rẹ̀, nítorí iná yẹn ń mú kí awọ mọ́ ju ẹ̀jẹ̀ lọ.

Ìdí tí fọ́tò fi ń ṣì wá lọ́nà

Ohun mẹ́ta ni ojú ń lò níbi fèrèsé yẹn: ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, ìka tó ń tẹ ara, àti gbogbo ara ọmọ láti orí dé ẹsẹ̀. Fọ́tò kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Alẹ́ ni wọ́n sábà ń yà á, lábẹ́ gílóòbù. Kò sí ẹni tó lè tẹ ara ọmọ lójú fóònù. Ojú nìkan ló sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ọmọ á tún di ojú pọ̀, funfun ẹyinjú tó yẹ ká wò kò ní sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà ju èyí lọ. Ìmọ́lẹ̀ funfun ní pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù nínú. Bilirúbínì ń gbé búlúù mì, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tó ń kúrò lára ọmọ padà wá bá wa kò ní búlúù tó bó ṣe yẹ, a sì rí i bí àwọ̀ ìyeyè. Kámẹ́rà fóònù ń ka pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù yìí náà, àmọ́ kò mọ irú iná tó ń tàn nínú yàrá. Ó ń méfò ni. Bí ohun tó wà níwájú rẹ̀ bá pọ́n káàkiri, yóò gbà pé gílóòbù ló pọ́n, yóò sì fi búlúù kún un kó lè dọ́gba. Ohun tí àìsàn yọ kúrò ni kámẹ́rà ń dá padà. Bí ìyá bá sì ṣe ń sún fóònù mọ́ ojú ọmọ sí kí ó lè hàn dáadáa ni awọ ara ọmọ ń kún inú fọ́tò, tí kámẹ́rà kò sì ní nǹkan mìíràn tí yóò fi wé e, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fọ àwọ̀ náà nù.

Ó tún ń ṣẹlẹ̀ lódìkejì. Ògiri tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ìpara, ṣọ́ọ̀lù aláwọ̀ ìyeyè tàbí gílóòbù àtijọ́ tó ń tàn pupa á da àwọ̀ wọn sí ọmọ lára, ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe á wá pọ́n ràì nínú fọ́tò. Àwọn fóònù kan tún ní ètò tó ń dán ara mọ́lẹ̀ tó sì ń mú un mọ́, tó ti wà ní títàn láti ilé ìtajà. Lẹ́yìn èyí, Wáàsáàpù á fún fọ́tò náà pọ̀ kó lè fúyẹ́, àwọ̀ ló sì ń jù nù jù nínú rẹ̀. Níparí, ẹni tó gbà á lè ti ṣí ètò alẹ́ lórí fóònù tirẹ̀, èyí tó ń dín búlúù kù kí ojú má bàa ro ó. Ohun gbogbo tó bá rí lórí rẹ̀ ló ń pọ́n, ó ti mọ́ ọn lára, kò sì ní kà á sí.

Àwọn onímọ̀ tó ń gbìyànjú láti fi fóònù wọn bilirúbínì mọ gbogbo èyí. Nínú ètò BiliCam tí Yunifásítì Wọ́ṣíńtínì ní Amẹ́ríkà ṣe, káàdì kan tó ní àwọn àwọ̀ tí iye wọn ti wà nílẹ̀ ni wọ́n ń gbé lé àyà ọmọ, kí kọ̀ǹpútà lè mọ ohun tí iná yàrá ti bà jẹ́. Nínú neoSCB, tí wọ́n dán wò ní Gánà, funfun ẹyinjú ni wọ́n ń yà lẹ́ẹ̀mejì, ìkan pẹ̀lú iná fóònù, ìkan láìsí i, kí wọ́n lè yọ iná yàrá kúrò nínú ìṣirò. Síbẹ̀, ọmọ tí àwọn ètò yìí bá fura sí ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Fọ́tò lásán tí kò ní káàdì, tí kò ní ìṣirò, kò sún mọ́ èyí.

Ọmọ kan ní Ìbàdàn

Ká mú àpẹẹrẹ ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ní ọ̀sẹ̀ 38. Wọ́n ní kí òun àti ìyá rẹ̀ máa lọ sílé ní ọjọ́ kejì. Ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti lo wákàtí 62. Ìyá rẹ̀ ya ojú rẹ̀ lábẹ́ gílóòbù funfun, ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wo ọmọ yìí, ṣé ojú rẹ̀ kò pọ́n?” Èsì padà wá: “Mi ò rí nǹkan kan. Ṣebí pupa ni màmá wa náà.” Ọkàn gbogbo wọn balẹ̀, wọ́n sùn.

Ní aago méje òwúrọ̀ Ọjọ́rú, wákàtí 73, agbẹ̀bí kan ládùúgbò yà wọ́n kí. Ó gbé ọmọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó bọ́ ọ, ó sì ń tẹ̀ ẹ́. Imú pọ́n, àyà pọ́n, ikùn pọ́n, itan pọ́n, ojúgun pọ́n. Àtẹ́lẹsẹ̀ kò tíì pọ́n. Erìgì pọ́n. Ó béèrè bó ṣe ń mu ọmú. Ìyá ní oorun ni ó ń sùn ṣáá, àti pé láti àná, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló tọ̀. Agbẹ̀bí náà kò sọ iye kankan. Ó ní, “Ìyá ọmọ, ẹ dìde, ọsibítù yá. Ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má fún un ní omi, ọmú nìkan.”

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ní aago mẹ́wàá, wákàtí 76. Bilirúbínì jẹ́ 19 mg/dL, ìyẹn 325 µmol/L. Nínú tábìlì Ìlú Ọba, ààlà rẹ̀ jẹ́ 300 ní wákàtí 72, ó sì jẹ́ 312 ní wákàtí 78. Ọmọ yìí ti kọjá méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ ìyá jẹ́ O, tirẹ̀ jẹ́ A, èyí ló ń fọ́ ọ. Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n fi nǹkan bo ojú rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná búlúù, èyí tó ń sọ bilirúbínì inú awọ di ohun tí ara lè tì jáde láìdúró de ẹ̀dọ̀. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀. Àwọ̀ ara rẹ̀ ti mọ́ nígbà náà, ìyá sì fẹ́ máa gbé e lọ sílé. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé. Wọ́n dúró títí iye náà fi jábọ́ tó 50 µmol/L sábẹ́ ààlà kí wọ́n tó pa iná, wọ́n sì tún yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ kejì bóyá ó ti gòkè padà.

Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò purọ́, kò sì gọ̀. Nínú fọ́tò tó rí, kámẹ́rà ti fi búlúù kún ojú ọmọ, ẹyinjú wà ní pípadé, kò sì sí ẹsẹ̀ níbẹ̀. Kò sí nọ́ọ̀sì kankan tí ì bá rí i.

Ohun tó yẹ kí ẹ fi ránṣẹ́

Bí ẹ bá ní ẹni tó mọṣẹ́ tí ẹ fẹ́ bi léèrè, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín gba ipò fọ́tò. Ẹ sọ wákàtí tí wọ́n bí ọmọ, àti ọ̀sẹ̀ tó lò nínú ikùn. Ẹ sọ ibi tí àwọ̀ náà dé nígbà tí ẹ fi ìka tẹ ara rẹ̀ lójú ọ̀sán. Ẹ sọ bó ṣe ń mu ọmú, àti bóyá ó ń jí fúnra rẹ̀. Ẹ sọ iye ìgbà tó tọ̀ láti àná. Ẹ sọ àwọ̀ ìgbẹ́ rẹ̀: bó bá funfun bí ẹfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú, ọ̀nà òróòro lè ti dí, iná búlúù kọ́ ni yóò wò ó, ó sì yẹ kí dókítà rí i ní kíákíá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara tó ṣì pọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ṣe gba àyẹ̀wò. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé ọmọ sínú oòrùn òwúrọ̀ kí ẹ gbà pé ẹ ti wò ó. Oòrùn kì í gbé iye tó ti ga wálẹ̀ tó bó ṣe yẹ, ó sì lè sun awọ ọmọ.

Bí ara bá pọ́n kí ọjọ́ kan tó pé, bí àwọ̀ bá ti dé ojúgun, bí ọmọ kò bá mu ọmú, bó bá rọ jọwọrọ tàbí tó ń na ẹ̀yìn sẹ́yìn bí ọrun, bí igbe rẹ̀ bá di híhan gooro tí kò dà bí ti tẹ́lẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ sì ní kí wọ́n yẹ bilirúbínì rẹ̀ wò, kí wọ́n kọ iye náà àti wákàtí tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sórí ìwé kan náà.